Ẹlẹ́ṣin Ọba: Ṣé Fíìmù Ni Ká Kọ́kọ́ Wò, àbí Ìwé Ni Ká Kọ́kọ́ Kà?

Àríyànjiyàn yìí kì í tán láàrin wa. Bí olùkọ́ bá ti dárúkọ ìwé kan tí wọ́n ti fi ṣe fíìmù, ẹnì kan yóò ní fíìmù lòun máa wò ná, ìwé dìgbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ta kò ó pé ẹni tó bá wo fíìmù kó tó kàwé ti ba ìwé jẹ́ fún ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ìwé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé, kí ni ìwé yìí fi pa mọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn lè bá a pàdé láìmọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ibi tí nǹkan náà bá wà ni yóò sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan ká fi wò ó. Mo mú Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tó jáde ní 1975, àti fíìmù tí Bíyí Bándélé fi ṣe. Bándélé kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, fíìmù náà sì jáde lórí Netflix ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Elesin Oba: The King's Horseman ni ẹ ó tẹ̀ bí ẹ bá ń wá a. Ìdí tí mo fi mú èyí ni pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí èdè inú rẹ̀ tí àwa tá a ń kọ́ nípa èdè kò gbọdọ̀ gbójú fò. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ìwé, ṣùgbọ́n Yorùbá ló pọ̀ jù nínú fíìmù. Fíìmù ti mú ọ̀rọ̀ náà padà wálé.

Ẹ má bẹ̀rù pé mo fẹ́ tú àṣírí ìtàn fún yín. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa. Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí ọdún 1944. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, Olókùn-Ẹṣin rẹ̀ múra láti bá a lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí wọ́n mú un kó má baà kú, ọmọ rẹ̀ sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìtàn yìí ṣe eré ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú Ṣóyínká, ó pè é ní Ọba Wàjà. Nínú eré ti Ládiípọ̀, ilẹ̀ Gánà ni ọmọ náà ti ń ṣòwò kó tó gbọ́ pé ọba ti wàjà. Ṣóyínká sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, ó sì fa gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà sẹ́yìn sí ìgbà tí ogun Hítílà ṣì ń jà.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé, "Má wo fíìmù yẹn o, ó máa jẹ́ kó o mọ bó ṣe parí," ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó lọ wo eré Ládiípọ̀ ní 1964 ti mọ bó ṣe parí kó tó jókòó. Mímọ̀ pé Ẹlẹ́ṣin kò kú lásìkò tó yẹ, àti pé ọmọ rẹ̀ Olúńdé ló kú, kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ òǹkàwé. Nǹkan méjì mìíràn ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń jàǹfààní tí fíìmù bá ṣáájú, èkejì ń pàdánù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń jàǹfààní. Ohùn ni.

Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà. Ẹlẹ́ṣin ń bọ̀ tijótijó, Olóhùn-iyọ̀ ń kì í, àwọn obìnrin ọjà yí wọn ká. Lójú-ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní ti gidi. Tó bá yá, tí a bá dé ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Kò sí àmì kankan tó sọ fún òǹkàwé pé a ti fi èdè kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Bí gbólóhùn ṣe ń rìn nìkan la lè fi mọ̀ ọ́n: ti ọjà kún fún òwe àti àfiwé, ti òyìnbó gbẹ, ó sì gé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fura lè ka ìwé náà tán kó máa rò pé èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé àwọn ará Ọ̀yọ́ wulẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn ni.

Ẹ wo ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Amúsà. Nínú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹwẹ̀rẹ ló ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò sí ìyàlẹ́nu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọjà, Gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹwẹ̀rẹ náà ló tún ń sọ sí àwọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ nínú èdè! Àwọn obìnrin náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọmọbìnrin kan sì sín òyìnbó jẹ níwájú rẹ̀ títí tó fi sá lọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ èdè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú orí rẹ̀ yóò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni Ṣóyínká ti fi hàn wá pé aṣọ ìjọba tí ọkùnrin yìí wọ̀ ti gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ èdè kan ṣoṣo yóò rò pé eré apanilẹ́rìn-ín ni.

Fíìmù kì í jẹ́ kí èyí ṣòro. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọdúnladé Adékọ́lá ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, Ṣáfì Bẹ́lò ló ṣe Ìyálọ́jà, akọrin tí gbogbo wa mọ̀ sí Bráímò ló sì ṣe Olóhùn-iyọ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ wọn fún ogún ìṣẹ́jú, tí ẹ sì gbọ́ àwọn òyìnbó náà lédè tiwọn, etí yín á ti pín èdè sọ́nà méjì. Ẹ ó wá gbé e wọ inú ìwé.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tó lè jẹ́ kí ẹ rí ohun tí mò ń sọ ni ẹyẹ tí Ẹlẹ́ṣin ń sọ ìtàn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ikú ń kan ilẹ̀kùn kiri, ó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ọdẹ, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kéwú, kálukú ń sọ pé òun kọ́ ló wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn ni orúkọ ẹyẹ náà. Ṣóyínká lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kúkúrú fún un, sílébù méjì péré. Ṣùgbọ́n ẹ dá a padà sí Yorùbá, kí ẹ pè é jáde: "Èmi kọ́." Sílébù mẹ́ta ni. Ohùn ìsàlẹ̀ lórí àkọ́kọ́, ohùn àárín lórí ìkejì, ohùn òkè lórí ìkẹta. Ó ń gòkè ní ìpele-ìpele bí igbe ẹyẹ gan-an. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi àfé pè é láìsí ọ̀rọ̀, ẹ ó gbọ́ ẹyẹ. Ó dà bíi pé Yorùbá yẹn ló ń kọrin nísàlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà, kò sì sí bí ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì sí ní Ọ̀yọ́ ṣe máa gbọ́ ọ láti orí bébà nìkan.

Ìyẹn ni èrè wíwo fíìmù ṣáájú. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, mi ò bá ní kí gbogbo yín lọ wo fíìmù lálẹ́ òní.

Ṣùgbọ́n òfìfo kan wà láàrin ìwé náà. Orí márùn-ún ni eré yìí. Ní ìparí orí kẹta, Ẹlẹ́ṣin ti ń jó lọ sí ọ̀run níwájú gbogbo wa. Ojú rẹ̀ ti yí padà, Olóhùn-iyọ̀ ń bi í bóyá ó ṣì ń gbọ́ òun, ìlù ń lọ, iná orí ìtàgé sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ohun tí a rí nìyẹn. Orí kẹrin ṣí, a ti wà níbi àríyá àwọn òyìnbó, níbi tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ti wá ṣe àlejò. Olúńdé dé láti ìlú òyìnbó, ó ń bá ìyàwó ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nípa ikú bàbá rẹ̀ bí ohun tó ti kọjá. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ igbe Ẹlẹ́ṣin láti ìta, wọ́n sì mú un wọlé tòun ti ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Ọmọ wo bàbá, ó sì sọ pé òun kò ní bàbá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin ijó yẹn àti ẹ̀wọ̀n yẹn? Ṣóyínká kò fi hàn wá. Ṣé Ẹlẹ́ṣin ti fẹ́ kọjá ni ọlọ́pàá fi wọlé? Àbí ó ti dúró fúnra rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ ìyàwó ọ̀ṣìngín tó gbé lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di pé ọlọ́pàá dé? Ní orí karùn-ún, nínú àtìmọ́lé, Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ sọ fún ìyàwó náà pé òyìnbó lòun kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn náà àwọn òrìṣà tó já òun kulẹ̀, pé ní báyìí ó ń ṣe òun bíi kóun dá ìyàwó náà lẹ́bi. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Èyí ni ohun tí ìwé náà fi pa mọ́, èyí tí mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn lè bá pàdé. Òǹkàwé gbọ́dọ̀ dúró sínú òfìfo yẹn kó sì ronú fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ṣóyínká fi kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé náà, tó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ìjà àṣà òyìnbó àti àṣà aláwọ̀ dúdú. Ó ní ipa tí ajẹ́lẹ̀ kó kò ju pé ó mú nǹkan yá lọ, pé inú Ẹlẹ́ṣin àti ayé àwọn Yorùbá ni ìjà náà wà.

Kámẹ́rà ò ní irú àǹfààní yẹn. Ìtàgé lè pa iná kó sì kọjá, àwa tó jókòó á gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùdarí fíìmù gbọ́dọ̀ yan ohun tí ojú wa máa rí, bó ṣe máa pẹ́ tó, ojú ta ni yóò sún mọ́, àti ìgbà tí ọlọ́pàá máa yọ. Ohun yòówù kó yàn, ìdáhùn ni. Kódà bó bá yí kámẹ́rà kúrò, ojú tá a rí gbẹ̀yìn kí kámẹ́rà tó yí ti sọ nǹkan fún wa. Mi ò bá Bándélé jà. Iṣẹ́ olùdarí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ìpinnu tirẹ̀ kó tó ka ìwé, ìpinnu náà ni yóò gbé wọ inú òfìfo yẹn, òfìfo náà kò sì ní sí mọ́.

Mo rí i lára àbúrò mi kan nílé wa ní Ìtèlé. Ọdún kìíní ló wà, wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ẹni tó fa ìṣubú Ẹlẹ́ṣin. Ó wo fíìmù lórí fóònù lóru, ó ka ìwé ní ọjọ́ kejì, ó kọ ojú-ìwé mẹ́rin pé òyìnbó ni. Ó mú ẹ̀rí wá látinú ìwé lóòótọ́. Nígbà tí mo ní kó fi ibi tí wọ́n ti mú Ẹlẹ́ṣin hàn mí nínú ìwé, ó ṣí orí kẹta, ó ṣí orí kẹrin, ó padà sí orí kẹta. "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i o!" Ó rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé ló ti rí i. Ó ti ka òfìfo náà kọjá láì mọ̀ pé òfìfo wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe lè mọ̀ pé fíìmù ti jókòó sórí ìwé fún yín: ẹ máa rántí ohun tí ẹ kò kà.

Kí la wá fẹ́ ṣe, nígbà tí etí fẹ́ fíìmù ṣáájú tí orí sì fẹ́ ìwé ṣáájú? Ẹ pín in. Ọgbọ́n tí èmi ń dá nìyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ fíìmù, kí ẹ wò ó títí dé ibi tí Ẹlẹ́ṣin ti rí ọmọbìnrin náà tó sì ní òun fẹ́ ẹ, kí ẹ dá a dúró síbẹ̀. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde nísàlẹ̀ tí ẹ bá lè yẹra fún un. Ohùn la wá gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kí ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò nípọn, kò tó ọgọ́rùn-ún ojú-ìwé nínú ẹ̀dà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ ka orí kìíní sókè, kí ẹ máa dá gbólóhùn padà sí Yorùbá níbi tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn. Tí ẹ bá parí orí kẹta, ẹ dúró. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn ìwé: kí ló dá Ẹlẹ́ṣin dúró? Ẹ tún kọ òmíràn tí ẹ bá parí orí karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo ìyókù fíìmù, kí ẹ sì fi ìdáhùn Bándélé wé tiyín.

Fún àwa tá a wà ní agbègbè Ọ̀tà, ọgbọ́n yìí tún bá àpò mu. Fíìmù wákàtí kan ààbọ̀ lé díẹ̀ ni. Ẹ lè gbé e sórí fóònù níbi tí wáifáì bá wà nílé ẹ̀kọ́, kí ẹ wo apá kan nínú ọkọ̀ láti Sàngó. Ìwé ò bẹ̀bẹ̀ fún iná. Àǹfààní kan tún wà tí àwa ní tí ẹni tó wà lókèèrè kò ní. Ní orí kejì, ajẹ́lẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ wọ ẹ̀kú egúngún tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n fi ń jó ijó òyìnbó, Amúsà sì kọ̀ láti bá ẹni tó wọ aṣọ ikú sọ̀rọ̀ ikú. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ ọdún egúngún Ọ̀tà kò nílò fíìmù kó tó mọ ìdí tí Amúsà fi yí ojú sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí egúngún rí, ó dára kó wo apá yẹn kó tó kà á.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan á ní, ṣé bákan náà la máa ṣe gbogbo ìwé? Rárá. Ẹ wo Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, tí Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997. Àjàní ń wá ìyàwó, ọmọbìnrin mẹ́ta sì wà níwájú rẹ̀: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Níbí, Yorùbá ni ìwé, Yorùbá ni fíìmù, kò sí èdè tó sọnù tí fíìmù fẹ́ dá padà. Ohun tó ń mú òǹkàwé ṣí ojú-ìwé tó kàn ni pé kò mọ ẹni tí Àjàní máa fẹ́ àti ohun tó máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìyẹn ló fi pa mọ́, inú ìtàn gan-an ló wà, fíìmù á sì gbé e fún yín ní alẹ́ kan. Ìwé ni kó ṣáájú, láìsí pínpín kankan. Ìdí kejì ni aṣọ. Fíìmù yẹn dá ìró péńpé àti bùbá ayé ìgbà náà padà sóde débi pé wọ́n sọ aṣọ náà ní Olékú. Tí ẹ bá ti wo fíìmù, gbogbo ọmọbìnrin tó bá wọlé nínú ìwé ti wọ Olékú nìyẹn, bóyá Ìṣọ̀lá sọ̀rọ̀ aṣọ wọn tàbí kò sọ ọ́.

Ti Ṣaworoidẹ tilẹ̀ yí ìbéèrè náà po. Ìṣọ̀lá kan náà àti Kèlání kan náà ni, ṣùgbọ́n fíìmù ló kọ́kọ́ jáde ní 1999, ìwé tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní ìwé lòun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà nítorí pé ìwé ni orísun, kó wá sọ fún mi èwo ni orísun níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde lè máa sọ pé mo gbàgbé ọ̀nà kẹta. Mi ò gbàgbé. Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ eré Ṣóyínká sí Yorùbá láti 1994, Ikú Olókùn-Ẹṣin ni àkọlé rẹ̀. Ẹni tó bá rí ẹ̀dà rẹ̀ kò nílò láti gba ohùn nínú fíìmù mọ́, ó ti wà lójú-ìwé pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, òfìfo àárín orí kẹta àti orí kẹrin sì wà níbẹ̀ bí Ṣóyínká ṣe fi í sílẹ̀. Kì í rọrùn láti rí rà, nítorí náà ẹ béèrè ní ibi ìkówèésí kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tàwé. Ẹni tó bá sì ní in nílé, kó jọ̀ọ́ yá wa.